Ìwé àyẹ̀wò tírólì pàjáwìrì: ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò máàkì

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn kan lágbègbè Òmù-Àrán. A ní ìwé tí à ń fọwọ́ sí lójoojúmọ́ fún tírólì pàjáwìrì wa, kò sì sí ọjọ́ tí kò ní máàkì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá aláìsàn kan dákú, sílíńdà ọ́síjìn ṣófo, oògùn méjì sì ti ẹ̀sípáyà. Métíróònù ní kí n ya ìwé tuntun. Báwo ni kí n ṣe tò ó, kí ni kí ó sì wà nínú òpó ìfọwọ́sí àti òpó ọjọ́ ìparí oògùn?"

Kí ẹ tó ya ìlà kankan, ẹ gbé ìwé àtijọ́ yẹn síwájú yín, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe fa máàkì inú rẹ̀. Bí máàkì odindi ọ̀sẹ̀ kan bá jẹ́ ti bírò kan náà, tí gbogbo wọn sì fì sápá kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ló jókòó fà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò dé ìdí tírólì. N kò fi èyí pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ. Mo ti ṣe iṣẹ́ òru rí ní wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì méjì ti ń tọ́jú aláìsàn 26, mo sì mọ ohun tí í mú kí èèyàn fa máàkì 40 ní ìṣẹ́jú méjì ní aago méje àárọ̀, nígbà tí àwọn tí yóò gbaṣẹ́ ti ń wọlé bọ̀. Ìwé náà gan-an ni ó ní àbùkù. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá nǹkan wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ẹni tí ó bá sì ti mọ̀ pé sílíńdà wà ní igun yàrá lè dáhùn ìbéèrè yẹn láti orí àga tí ó jókòó sí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí gbogbo èyí tó kù rọ̀ mọ́ ni pé kí ìwé tuntun yín máa béèrè nọ́ńbà, kí ó sì jẹ́ irú nọ́ńbà tí èèyàn kò lè mọ̀ bí kò bá fọwọ́ kan nǹkan náà. Níbi tí ìwé àtijọ́ ti ní "ọ́síjìn: máàkì", kí tuntun ní "ọ́síjìn: kí ni abẹ́rẹ́ géèjì dúró lé lórí?" Bí ẹnì kan bá kọ 110 lónìí, tí ẹlòmíràn kọ 110 lọ́la, tí 110 yẹn kò sì yẹ̀ títí di ọjọ́ 31 bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lo sílíńdà náà fún aláìsàn méjì láàárín oṣù, métíróònù yóò mọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Máàkì kò lè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín ìwé náà sí ọ̀nà méjì, nítorí pé àwọn nǹkan tí ó wà lórí tírólì kì í bàjẹ́ lọ́nà kan náà. Àwọn kan wà tí wọ́n lè kú mọ́jú: ọ́síjìn lè jò tán, bátìrì lè tán, gílóòbù lè jó, ẹnì kan sì lè yá àńbúbáàgì, àpò tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹni tí kò lè mí, lọ sí wọ́ọ̀dù kejì kó má dá a padà. Àwọn yẹn ni ó nílò ojú àti ọwọ́ lójoojúmọ́. Àwọn yòókù, ìyẹn oògùn, kánúlà, síríńjì, omi ìfàsára àti túùbù inú ọ̀rá, kì í yí padà láàárín òru kan bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí dúrọ́ọ̀ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára wọn ni ọ̀tá wọn, ọjọ́ yẹn sì ti ṣeé mọ̀ ṣáájú. Ìwé tí ó bá ní kí nọ́ọ̀sì ka gbogbo ámúpù lójoojúmọ́ ń béèrè iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú tí kò sí ẹni tí yóò ṣe é, ibẹ̀ gan-an sì ni irọ́ ti ń wọlé.

Ohun tí yóò jẹ́ kí ìpín méjèèjì yìí ṣeé ṣe ni èdìdì. Èdìdì oníke tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára, tí a kò lè ṣí láìjá a, ni ó dára jù lọ. Bí ilé ìwòsàn yín kò bá ní in, ẹ lẹ pílásítà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ dí ẹnu dúrọ́ọ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé ti èdìdì ìṣáájú sí i lára, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì fọwọ́ sí i lọ́nà tí ìfọwọ́sí náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ lórí pílásítà, tí yóò sì parí lórí irin tírólì fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí i kò ní lè lẹ̀ ẹ́ padà kí ìlà méjèèjì tún bára mu. Lójoojúmọ́, dípò kí ẹ máa ka oògùn 15, nọ́ńbà èdìdì nìkan ni ẹ ó kọ. Bí nọ́ńbà òní bá bá ti àná mu, tí èdìdì sì pé pérépéré, ohun tí wọ́n kà nígbà tí wọ́n dí i ṣì ni ó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá bá a mu, ẹ ṣí i, kí ẹ kà á pátápátá, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan sọ fún yín pé síríńjì kan péré ni òun mú.

Ìwé ojoojúmọ́ yóò wá kúrú: nọ́ńbà èdìdì, ọ́síjìn, ẹ̀rọ sọ́kíṣọ̀n tí ń fa itọ́ àti èébì, iná lárígósíkóòpù tí a fi ń wo inú ọ̀fun, àńbúbáàgì, àti ẹ̀rọ tí ń fi iná ta ọkàn jí bí ẹ bá ní in. Àwọn ohun èlò wọ̀nyí kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ èdìdì. Orí tírólì ni kí wọ́n wà, kí ẹni tí ń yẹ̀ wọ́n wò má baà já èdìdì lójoojúmọ́ nítorí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ọ́síjìn, nítorí òun ni ó já yín kulẹ̀. Pé sílíńdà wà níbẹ̀ kò sọ nǹkan kan, géèjì tí a sì kàn wò láìṣí ẹnu sílíńdà lè tan èèyàn jẹ, nítorí pé bí wọ́n bá ti ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó kù nínú géèjì jáde, abẹ́rẹ́ yóò dúró sórí nọ́ńbà àtijọ́. Ọ̀nà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi nìyí: ẹ mú sípánà, kí ẹ ṣí ẹnu sílíńdà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ka géèjì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ ní ìdúró. Ẹ wá ti ẹnu sílíńdà náà nígbà tí ibi tí ń ṣí afẹ́fẹ́ fún aláìsàn ṣì wà ní títì, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá dúró gbọn-in, kò sí ibi tí ń jò. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, rọ́bà tí ó wà láàárín sílíńdà àti géèjì ti gbó tàbí pé wọn kò fún un dáadáa, sílíńdà tí ẹ sì fi sílẹ̀ ní ṣíṣí lálẹ́ yóò ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ṣeé ṣe kí irú èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí tiyín: ẹni tí ó lò ó gbẹ̀yìn ti ti ìdí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kò sì dé ẹnu sílíńdà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí ó kù jáde títí abẹ́rẹ́ yóò fi padà sí òfo, kí géèjì má baà purọ́ fún ẹni tí yóò tẹ̀ lé yín. Ẹ so sípánà mọ́ ọrùn sílíńdà pẹ̀lú okùn tó le, nítorí sílíńdà tó kún bámú tí kò sí ohun tí a ó fi ṣí i kò yàtọ̀ sí èyí tó ṣófo. Bí ó bá sì le láti ṣí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi òrí, fasilíìnì tàbí epo kankan pa á lẹ́nu, nítorí pé epo àti ọ́síjìn tí ó ní ìfúnpá gíga lè gbiná lójijì.

Nọ́ńbà géèjì yẹn gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ lórí ìwé. Sílíńdà kékeré tí wọ́n ń pè ní E máa ń gba lítà 680 bí ó bá kún, abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò sì wà ní nǹkan bí 137 lórí géèjì tí ń fi báà ka ìfúnpá. Bí aláìsàn bá ń gba lítà 10 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, èyí tó kún yóò gbé e fún ìṣẹ́jú 68, ìdajì yóò gbé e fún 34, ìdámẹ́rin rẹ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú 17 lọ. Ẹ wá ro ti ibi tí ẹ wà: bí ẹ bá ní láti gbé aláìsàn láti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, ó ju wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sí orí òpó náà gan-an pé bí abẹ́rẹ́ bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, kí a pààrọ̀ sílíńdà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni ó ń dúró kó dé ìdámẹ́rin. Ìyẹn lè tó fún wọ́ọ̀dù tí ọ́síjìn ti ń jáde lára ògiri, kò tó fún yín.

Àwọn yòókù kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò yín dí ẹnu túùbù sọ́kíṣọ̀n, kí ẹ sì kọ ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gun dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 10: ó yẹ kí ó tó 300 lórí géèjì tí ń fi mílímítà mẹ́kúrì kà. Bí kò bá tó, ìgò rẹ̀ kò dé dáadáa tàbí túùbù ti là níbì kan. Bí ẹ̀rọ náà bá ní bátìrì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ìjọba kí ẹ tó dán an wò, nítorí pé ìgbà tí iná bá lọ ni ẹ ó nílò rẹ̀ jù. Ẹ na abẹ lárígósíkóòpù méjèèjì, nọ́ńbà 3 àti 4, kí ẹ jẹ́ kí iná wọn tàn fún ìdajì ìṣẹ́jú. Iná funfun tó mọ́lẹ̀ ni ẹ ń wá. Èyí tí ó bá pọ́n bí iná àtùpà, bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ, èyí tí ó bá sì ń ṣẹ́jú, gílóòbù rẹ̀ kò wọlé dáadáa.

Àńbúbáàgì ni mo ti rí i tí ó já ènìyàn kulẹ̀ jù, nítorí pé ojú lásán kò lè mọ àbùkù rẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tú u, wọ́n á sì tò ó padà pẹ̀lú ẹnu rọ́bà inú rẹ̀ ní òdìkejì. Bí ẹ bá gbé e sókè, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kankan kò ní dé àyà aláìsàn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ibi tí aláìsàn ń gbà mí, kí ẹ sì fún un: ó gbọdọ̀ le lọ́wọ́ yín. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sá jáde níbòmíràn, ẹ tú u wò. Ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ tún fún un, kí ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ jáde níbi tó yẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ wò ó bóyá ó tètè wú padà. Nọ́ńbà tí ẹ ó kọ níhìn-ín ni iye ìbòjú tí ó bá a rìn, nítorí ìbòjú ni wọ́n sábà máa ń yá lọ. Fún ẹ̀rọ tí ń ta ọkàn jí, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣe àyẹ̀wò ara rẹ̀ bí ìwé ẹni tó ṣe é ti wí, kí ẹ sì kọ èsì tí ó fún yín. Àwọn àlẹ̀mọ́ àyà rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí tiwọn, nítorí jẹ́ẹ̀lì tí ó wà lẹ́yìn wọn máa ń gbẹ, nítorí náà abẹ́ ìpín kejì ìwé ni kí ẹ kọ wọ́n sí.

Ìpín kejì yìí ni ti ọjọ́ ìparí, òun sì ni ẹ ó máa ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù àti nígbàkigbà tí èdìdì bá já. Bí wọ́n bá tẹ 03/2026 sí ara ámúpù láìfi ọjọ́ sí i, ó ṣì dára títí di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Ẹrẹ́nà, èyí tí í ṣe ọjọ́ 31. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi kíkà ti oṣù sí ọjọ́ kìíní, nítorí pé ohun tí ẹ bá rí nígbà náà ti pé. Ẹ fi í sí nǹkan bí ọjọ́ 20, kí fámásì lè ní ọjọ́ mẹ́wàá láti wá ìrọ́pò.

Òpó mẹ́fà ni mo ń fi sí ìwé yìí: orúkọ ohun náà àti agbára rẹ̀, iye tó yẹ kó wà, iye tí a rí, ọjọ́ ìparí tí ó sún mọ́ jù lọ, iye tí ó ní ọjọ́ yẹn lára, àti ọjọ́ tí a fi ìrọ́pò sí i. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe ni òpó kẹrin. Wọ́n á ka ẹ̀yìn páálí, wọ́n á kọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Páálí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé nígbà tí a bá ń fi ìrọ́pò síbẹ̀, inú páálí àtijọ́ ni à ń kó ámúpù tuntun sí, tàbí kí a kó èyí tó fẹ́ parí sínú páálí tuntun. Ẹ ka ọrùn ámúpù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú adirẹnalíìnì ṣe àpẹẹrẹ. Iye tó yẹ kó wà kì í ṣe ohun tí a kàn ń fojú bù. Nígbà tí ọkàn bá dákẹ́, mílígíráàmù 1 ni à ń fún àgbàlagbà ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 kọ̀ọ̀kan, ámúpù kan sì ni ìyẹn nínú èyí tí ó ní mílígíráàmù 1 nínú mílílítà 1. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ lórí ènìyàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ẹ sì ń fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ámúpù 10 ni ẹ ó lò. Nítorí náà, 10 ni ẹ ó kọ sí òpó kejì, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín pé kí ló dé tí kì í ṣe 5, ẹ ní ìdáhùn. Ẹ wá ṣí dúrọ́ọ̀, ẹ bá 10 níbẹ̀. Mẹ́fà ní 11/2026 lọ́rùn, mẹ́rin ní 03/2026. Ohun tí ẹ ó kọ ni: yẹ 10, rí 10, ọjọ́ tó sún mọ́ jù 03/2026, iye rẹ̀ 4. Ẹ kó mẹ́rin yẹn síwájú, kí ẹ sì fi bírò pupa yí 03/2026 ká. Bí ó bá ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n parí, ẹ gbé wọn lọ pàrọ̀ ní fámásì, kí apòògùn fún yín ní èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà, kí ó sì fi tiyín ránṣẹ́ sí ibi tí wọn yóò ti lò ó kíákíá, bíi tíátà. Oògùn kankan kò ní ṣòfò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka gbogbo rẹ̀ tán, ẹ wo ọjọ́ tó sún mọ́ jù nínú odindi dúrọ́ọ̀, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ oògùn náà sórí ìwé kékeré kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èdìdì: "Tó sún mọ́ jù: átírópíìnì, 01/2026." Ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò ojoojúmọ́ kò ní láti ṣí nǹkan kan mọ́. Bí ó bá ti rí i pé oṣù yẹn ti dé, ó ti mọ ohun tí ó kàn.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára ámúpù kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọjọ́ yẹn dúró lórí pé wọ́n pa oògùn náà mọ́ bó ti yẹ, ti adirẹnalíìnì sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí ooru rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 25 lọ, kúrò níbi ìmọ́lẹ̀. Láàárín Èrèlè àti Ẹrẹ́nà, ooru ọ̀sán ní Ìlọrin àti ní gúúsù Kwara máa ń ju ìwọ̀n 30 lọ dáadáa, wọ́ọ̀dù tí fáànù rẹ̀ kò yí sì gbóná ju ìta lọ. Ẹ gbé tírólì kúrò lójú fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé, ẹ fi ámúpù sílẹ̀ nínú páálí wọn, kí ẹ sì fi ìlà kan kún ìwé oṣooṣù fún àwọ̀. Omi inú adirẹnalíìnì gbọdọ̀ mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ. Bí ó bá pọ́n díẹ̀ tàbí tí ó ń ṣe bíi tíì, ẹ dà á nù, ì báà ku ọdún kan kí ọjọ́ rẹ̀ pé.

Ohun méjì péré ni n ó sọ lórí ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí potásíọ́ọ̀mù kíloráìdì tí a kò tíì fi omi là wọ dúrọ́ọ̀ yẹn láé, nítorí pé ní ìkánjú ó rọrùn láti ṣì í mú bí omi ìfọ̀, ó sì ń dá ọkàn dúró. Oògùn tí ó bá yẹ kó wà nínú fíríìjì, bíi sùkísámẹ́tóníọ́ọ̀mù, ẹ fi sí fíríìjì, kí ẹ sì kọ ibi tí ó wà sórí ìwé.

Nísinsìnyí, òpó ìfọwọ́sí. Ẹ fún un ní àyè tó fẹ̀, kí orúkọ wà níbẹ̀ ní kíkà, kí aago wà níbẹ̀, kí ìfọwọ́sí sì tẹ̀ lé e. Ìfọwọ́sí tó rí bí ejò tó ń wọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ó fọwọ́ kan nǹkan náà nìkan ni kí ó fọwọ́ sí i. Fún kíkà ti oṣù àti kíkà ẹ̀yìn ìlò, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹni méjì, kí ọ̀kan máa ka ọrùn ámúpù sókè, kí èkejì máa kọ. Aago tí mo fẹ́ràn jù fún ti ojoojúmọ́ ni àsìkò ìfàléléwọ́ àárọ̀, nígbà tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ dúró nídìí tírólì. Ẹni tó ń gbaṣẹ́ ni yóò fọwọ́ sí i, nítorí òun ni yóò lò ó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ ẹ bá mi bẹ métíróònù yín fún nǹkan kan. Bí àyè kan bá ṣófo lórí ìwé, kí wọ́n fi bírò pupa fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀: "Nọ́ọ̀sì kan péré ló wà lẹ́nu iṣẹ́." Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà wá kún un. Àyè tó ṣófo ń sọ òótọ́ kan nípa wọ́ọ̀dù yẹn, métíróònù sì lè gbé òótọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn alákòóso láti fi béèrè fún òṣìṣẹ́ sí i. Bí wọ́n bá ń fi ìwé ìwáwí lé ẹni tí ó fi àyè sílẹ̀ lọ́wọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìwé yín yóò tún kún fún máàkì tó lẹ́wà, sílíńdà yóò sì tún ṣófo.

Ohun kan tún wà tí n kò rí i nínú àwọn ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń gbé wá láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni òun ló ń tú dúrọ́ọ̀ wa jù: oògùn tí a lò fún aláìsàn, tí a ní kí ẹbí rẹ̀ lọ rà padà. Èyí tó bá dé lọ́jọ́ kejì, ó dára. Èyí tí kò dé, nígbà tí ìyá náà bá ti lọ sílé tàbí tí ó ti kú, ta ni yóò fẹnu béèrè rẹ̀? Àyè náà á ṣófo títí. Èrò mi ni pé tírólì kò gbọdọ̀ dúró de owó ẹnikẹ́ni. Ẹ bá apòògùn yín sọ̀rọ̀ kí ó máa fi àpò kan tí ó pé pamọ́ sínú fámásì, tí ẹ ó máa gbà ní pààrọ̀ lójú ẹsẹ̀, ní òru pàápàá, kí gbèsè náà sì di ti ìwé owó. Kí ẹ tó rí ìyẹn ṣe, ẹ fi òpó keje kún ìwé ẹ̀yìn ìlò: "Tí a ń retí, iye rẹ̀, àti ẹni tí ń lépa rẹ̀." Orúkọ nọ́ọ̀sì ni kí ó wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ aláìsàn.

Ẹ wo bí yóò ti rí ní ọjọ́ kan. Ní aago 7:50 àárọ̀ ọjọ́ 17, nọ́ọ̀sì tó ń gbaṣẹ́ bá èdìdì 4417, èyí tí wọ́n kọ lánàá. Ó kọ ọ́. Ọ́síjìn 120, abẹ́rẹ́ dúró. Sọ́kíṣọ̀n 320. Abẹ lárígósíkóòpù 2, iná funfun. Ìbòjú 3. Ìwé ara èdìdì ní átírópíìnì 01/2026, oṣù Bélú 2025 ni wọ́n sì wà. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ní aago 2:40 ọ̀sán, wọ́n gún obìnrin kan ní abẹ́rẹ́ sẹftíríákísóònù, ara rẹ̀ lé wàràwàrà, mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì já. Wọ́n já 4417. Wọ́n gún un ní adirẹnalíìnì sí ẹran itan, ìdajì mílígíráàmù, wọ́n tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n fún un ní ọ́síjìn àti omi ìfàsára, wọ́n sì fi haidirokọ́tísóònù tẹ̀ lé e. Ó yè.

Ní aago 3:30, ẹni méjì dúró nídìí dúrọ́ọ̀. Adirẹnalíìnì: yẹ 10, rí 8, nítorí pé ìdajì ámúpù tí ó ṣẹ́ kù nínú méjèèjì ti di dídànù. Haidirokọ́tísóònù: yẹ 4, rí 2, omi tí a fi ń pò ó náà sì dín méjì. Ibi tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé nìyẹn: wọn yóò rọ́pò ìyẹ̀fun láìrọ́pò omi rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ẹ fi méjèèjì sórí ìlà kan náà. Omi ìfàsára: yẹ 4, rí 3. Kánúlà aláwọ̀ ewé: yẹ 4, rí 2, nítorí pé èkíní bọ́. Ọ́síjìn ti sọ̀ kalẹ̀ láti 120 sí 65, ó ti kọjá ìdajì, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹni tí ń kó sílíńdà. Fámásì fún wọn ní gbogbo rẹ̀, àfi adirẹnalíìnì kan tí wọ́n ṣì ń retí. Wọ́n kọ ọ́ sí òpó keje pẹ̀lú orúkọ nọ́ọ̀sì tó ń lépa rẹ̀, wọ́n fi èdìdì 4418 dí i, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18, ẹni tó ń gbaṣẹ́ yóò bá 4418, yóò wo òkè, yóò rí ìdí tí 4417 fi já, yóò sì rí i pé ámúpù kan ṣì kù. Kò ní láti bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi pẹ́ńsù ya ti oṣù kìíní, nítorí ẹ ó rí i pé òpó kan kéré jù àti pé ìlà kan kò wúlò. Ẹ so ìwé náà mọ́ tírólì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú bírò lára rẹ̀, kì í ṣe sínú fáìlì ní tábìlì nọ́ọ̀sì, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ lè jẹ́ ẹni tó ti dé ìdí tírólì.